Dádì, Ẹ̀yin Ni Wọ́n Mọ̀, Wọn Ò Mọ̀ Mí

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ ní yunifásítì tàbí ní pólì, kó jókòó kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, kó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ìyá mẹ́ta ló tẹ̀lé ara wọn wọ ọ́fíìsì mi ní Bódìjà níbí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn gbé wá: "Dádì, ẹ bá wa kọ lẹ́tà sí lágbájá, ọmọ yìí fẹ́ lọ ṣe àítì." Tẹ́lẹ̀, kíá ni mo máa ń kọ ọ́. Màá fa pépà ìjọ yọ, màá buwọ́ lù ú, màá gbàdúrà sí i. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò kọ ọ́. Mo ní kí àwọn ọmọ náà fúnra wọn wá rí mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Inú ìyá kan ò dùn, mo rí i lójú rẹ̀. Torí tiẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi bàjẹ́.

Ọmọ mi ọkùnrin ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná. Nígbà tí àítì rẹ̀ kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó bá mi sọ ọ́. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ṣebí bàbá rẹ̀ wà láyé. Mo pe ọ̀gá kan tó fẹ́ràn mi dáadáa, mo ní, "Ọmọ mi ni, ẹ bá mi gbà á." Lójú ẹsẹ̀ ló gbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò jọ iná mànàmáná rárá. Fún oṣù mẹ́fà, ọmọ mi ń ra oúnjẹ ọ̀sán, ó ń gbé fáìlì, ó ń lọ ṣe ẹ̀dà ìwé. Ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́ gidi, torí ọmọ pásítọ̀ ni, wọn ò sì fẹ́ kó ṣèṣe. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó parí, ó jókòó, ó da ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ. Nígbà tó padà sílé ìwé, tí wọ́n ní kó wá ṣàlàyé ohun tó kọ́ níwájú àwọn olùkọ́, ìbéèrè kejì ló ti há sí.

Ó jáde, ó sìnrú ìlú, ó padà wálé. Ọdún méjì ló fi jókòó tì wá. Mo tún ń kọ lẹ́tà kiri. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo pariwo mọ́ ọn, mo ní gbogbo èèyàn tí mo mọ̀ ni mo ti bẹ̀ fún un. Ó wò mí, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́: "Dádì, ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀. Wọn ò mọ̀ mí."

Ará, mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Òótọ́ ló sọ.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí àítì jẹ́ ná. Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ Àítííẹ́fù sílẹ̀ láti máa bójú tó ìkọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́. Nígbà tó di ọdún 1973, àjọ yẹn gbé ètò tí à ń pè ní Sáíwẹ́sì kalẹ̀, torí àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣàròyé pé àwọn tó ń jáde ní ilé ìwé gíga mọ ìwé, wọn ò mọ iṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ni ti àwọn tó ń ka ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ àti irú rẹ̀ ní yunifásítì, oṣù mẹ́rin ni ti pólì. Wọ́n máa fún ọmọ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí yóò máa kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níbi iṣẹ́ ló máa buwọ́ lù ú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olùkọ́ láti ilé ìwé náà á sì wá wò ó níbi iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé torí máàkì ni. Ọ̀rọ̀ máàkì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú oṣù mẹ́fà yẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà kan ṣoṣo, kí ọmọ tó jáde, tí ẹni tí kì í ṣe ẹbí, tí kì í ṣe ará ìjọ, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni yẹn ló lè sọ lọ́jọ́ iwájú pé, "Mo mọ̀ ọ́n, ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi." Èmi ni mo fi lẹ́tà mi gba ànfààní yẹn lọ́wọ́ ọmọ mi.

Ó wá kan ẹnì kejì. Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Ìyá rẹ̀ ń ta ata ní ọjà Bódìjà, bàbá rẹ̀ ti kú. Ìmọ̀ oúnjẹ ṣíṣe ló ń kà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tó wà ní ọdún kẹta, tí àítì rẹ̀ ṣì ku bí ọdún kan, ó wá bá mi. Mo ti ń na ọwọ́ sí pépà lẹ́tà. Ó ní, "Rárá sà, kì í ṣe lẹ́tà. Ṣé ẹ mọ ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ oúnjẹ, tí mo lè bi ní ìbéèrè kan?" Mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Ó dúpẹ́, ó lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn yà mí lẹ́nu, mo wá ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ náà. Ohun tí mo rí lára rẹ̀ ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó lọ bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àítì dé, àwọn tó fi ọdún kan péré ṣáájú rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló bi wọ́n: níbo lẹ ti ṣe é, kí ni wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, ta ló kọ́ yín? Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ó tún lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àítì ní ẹ̀ka wọn, nítorí ìwé àwọn ibi tí àwọn ọmọ ti lọ ṣe é tẹ́lẹ̀ máa ń wà lọ́wọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, orúkọ ilé iṣẹ́ bíi mẹ́rìnlá ló ní lọ́wọ́. Ó fa igi pupa sí ìdí àwọn tí wọ́n ti ń rán ọmọ lọ ra oúnjẹ. Ẹ ò rí i pé orúkọ ibi tí mo rán ọmọ mi lọ ì bá má wọ inú ìwé yẹn?

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá wá àwọn tó ti jáde ní ẹ̀ka náà. Ó rí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù ẹ̀ka wọn, ó rí àwọn míì lórí LinkedIn, níbi tí èèyàn ti lè tẹ orúkọ ilé ìwé kan kó sì rí àwọn tó jáde níbẹ̀ àti ibi tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Mo ní kó fi ohun tó kọ sí wọn hàn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní Yorùbá:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí ní ẹ̀ka tí ẹ ti jáde. Olùkọ́ wa lágbájá ló sọ fún wa pé yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ wàrà ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀ ni màá lọ ṣe àítì, iṣẹ́ àyẹ̀wò yẹn ló sì wù mí. Ìbéèrè kan ni mo ní: kí ni nǹkan tí ẹ máa ń fẹ́ kí ọmọ àítì ti mọ̀ kó tó dé? Bí àyè bá yọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá mi lóhùn. Ẹ ṣeun mà."

Ó tán. Kò sí "ẹ ràn mí lọ́wọ́," kò sí "mo nílò iṣẹ́," kò sí ìtàn ìyà. Ó sọ ẹni tó jẹ́, ó sọ bó ṣe mọ̀ wọ́n, ó sì bi wọ́n ní ohun tí èèyàn lè fi ìṣẹ́jú méjì dáhùn. Ẹ wo ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Bí o bá tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí, o ti fún un ní ẹrù tí kò lè gbé, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ ni wọ́n ń gba èèyàn síṣẹ́. Yóò dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í ní ohun tó mọ̀ bí ẹni mowó, inú rẹ̀ á dùn láti sọ ọ́. Èèyàn mẹ́sàn-án ló kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó rán àwọn tí kò dáhùn létí lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Mẹ́rin ló dáhùn. Márùn-ún ò fọhùn títí dòní. Kò bínú sí wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn sọ fún un pé kó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn kíkan oúnjẹ, kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń to nọ́ńbà sórí kọ́mpútà. Ó lọ kọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó kọ̀wé padà pé òun ti kọ́ ọ, ó ní ó ṣeun. Ẹ gbọ́ o, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń já okùn. Wọ́n á gba ìmọ̀ràn, wọn ò ní padà wá sọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Ẹni tó bá padà wá sọ ọ́ ni àgbà máa ń rántí. Obìnrin yẹn ló sọ fún un nígbà tó yá pé ilé iṣẹ́ yógọ́ọ̀tì kan nínú Ìbàdàn níbí fẹ́ gba ọmọ àítì méjì, pé kó tètè gbé ìwé rẹ̀ wá. Oṣù márùn-ún ṣì kù kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri. Igi gan-an-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ó wọlé síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìgò ni wọ́n ní kó máa kà. Ó kà á. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń ráhùn pé àwọn yógọ́ọ̀tì kan ń kan ju bó ṣe yẹ lọ kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tó pé. Ó tọrọ àyè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa wo òdiwọ̀n òtútù inú yàrá ìpamọ́ ní aago méje àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kó máa wò ó. Lójoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ àítì rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí iná lọ àti ìgbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti hàn gbangba: òru tí dísù bá tán kí ilẹ̀ tó mọ́, òtútù yàrá yẹn ti dín kù gan-an láàárọ̀, àwọn yógọ́ọ̀tì tó wà níbẹ̀ lóru yẹn náà ni wọ́n sì máa ń dá padà. Ọ̀gá rẹ̀ gbé ìwé yẹn lọ síbi ìpàdé àwọn ọ̀gá. Orúkọ ọmọ aláta wa ni wọ́n dá níbẹ̀.

Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ọmọ mi? Ìwé àkọsílẹ̀ kan náà ni wọ́n fún àwọn méjèèjì. Ọ̀kan dà á kọ ní ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, èkejì sọ ọ́ di ẹ̀rí. Ẹ ṣí ìwé ọmọ yín wò ní oṣù kejì àítì rẹ̀. Bó bá jẹ́ "mo ṣe àyẹ̀wò, mo tún un ṣe" ló wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò sí nọ́ńbà, tí kò sí àwòrán, tí kò sì sí ìbéèrè kankan, ẹ mọ̀ pé wọn ò fún un níṣẹ́. Ìgbà yẹn ló yẹ kó lọ bá olùkọ́ rẹ̀ nílé ìwé, kí wọ́n bá a wá ẹ̀ka míì níbẹ̀ tàbí ibòmíràn. Bó bá di oṣù karùn-ún, ó ti pẹ́ jù.

Nígbà tó padà sílé ìwé, ó mú ìwé yẹn lọ bá olùkọ́ kan, ó ní òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òtútù àti kíkan yógọ́ọ̀tì ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá òun. Inú olùkọ́ yẹn dùn, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń wá sọ pé, "Sà, ẹ fún mi ní àkọlé." Láàárín ọdún yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ti ṣe. Nígbà tó nílò lẹ́tà ẹ̀rí láti ọwọ́ olùkọ́, olùkọ́ náà ní ohun tí yóò kọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi: olùkọ́ tó ní ọgọ́rùn-ún ọmọ nínú kíláàsì, bí o kò bá lọ bá a rí, kí ni yóò kọ nípa rẹ? Yóò kọ pé o jókòó nínú kíláàsì òun. Àga náà jókòó níbẹ̀.

Ó jáde, ó lọ sìnrú ìlú. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ilé iṣẹ́ yógọ́ọ̀tì yẹn gbà á. Ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní kò sí àyè. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, mímọ èèyàn kì í dá iṣẹ́ tí kò sí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ti kúrò níbẹ̀, ó ti wà nílé iṣẹ́ míì ní Ọ̀tà. Ọmọ yìí sì ti ń kọ̀wé kí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, gbólóhùn méjì péré: ibi tí mo dé nìyí, ẹ kú iṣẹ́ sà. Oṣù kan lẹ́yìn tó parí ìsìnrú ìlú, fóònù dún. "Àyè kan wà lọ́dọ̀ wa. Ṣé o ṣì ń wọn òtútù?" Ó lọ ṣe ìdánwò bíi ti gbogbo èèyàn. Ó yege. Ibẹ̀ ló wà báyìí.

Mo sọ ìtàn yìí fún olùkọ́ yunifásítì kan nínú ìjọ wa, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mark Granovetter, ti ṣèwádìí rẹ̀, ọdún 1973 ló gbé e jáde, ọdún kan náà tí Sáíwẹ́sì bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ó bi àwọn òṣìṣẹ́ ní agbègbè Boston léèrè bí wọ́n ṣe gbọ́ nípa iṣẹ́ wọn. Nínú àwọn tó gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tí wọ́n mọ̀, nǹkan bí 17 péré nínú 100 ló ń rí ẹni yẹn déédéé. Àwọn tó kù, tó lé ní 80, láti ẹnu ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, tàbí ẹni tí wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí mọ́. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Àwa tí a jọ wà nínú ìjọ kan, ohun kan náà la jọ ń gbọ́. Iṣẹ́ tí mi ò gbọ́ nípa rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi náà kò ní gbọ́. Ẹni tó jìnnà díẹ̀ sí wa ló ń gbọ́ ohun tí àwa ò gbọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ ò rí i pé lẹ́tà pásítọ̀ ò lè dé ibẹ̀? Àwọn tí mo mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo kí n tó dákẹ́. Ẹni tó bá ní kí o san owó kí òun tó fún ẹ ní àyè àítì, sá. Ẹni tó bá ní kí o wá rí òun ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí nílé lálẹ́, yálà olùkọ́ ni o, ọ̀gá iṣẹ́ ni o, tàbí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní èèyàn Ọlọ́run, má lọ, kí o sì sọ fún òbí rẹ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó fẹ́ ràn ẹ́ lọ́wọ́ lóòótọ́ lè ṣe é ní ọ́fíìsì, lọ́sàn-án gangan, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. A jókòó fún wákàtí kan ààbọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ orúkọ márùn-ún àwọn tó ṣáájú wọn ní ẹ̀ka, wọ́n sì kọ ìbéèrè tí wọ́n máa bi wọ́n. Ta ló bá wọn wo ìwé tí wọ́n kọ? Ọmọ mi ọkùnrin ni. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń to sólà, láti ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó fi ọdún mẹ́fà jù. Kò ní kí n kọ lẹ́tà. Fúnra rẹ̀ ló wá ọ̀gá náà kàn. Lálẹ́ ọjọ́ tó gba owó iṣẹ́ àkọ́kọ́, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Má bínú, ọmọ mi." Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ó ti tán sà."

Ìyá tínú rẹ̀ ò dùn, ẹ ṣe sùúrù fún mi mà. Mi ò kọ̀ yín. Ọmọ yín ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀.